Lẹ́tà Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Gbé Dé Amman

Wọ́n ti ní kí n má sọ ìtàn yìí mọ́. Ìyàwó mi sọ bẹ́ẹ̀, àbúrò mi náà sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí a bá ti jókòó yí àwo mansaf, ìrẹsì àti ẹran àgùntàn wa, ká, àwọn fúnra wọn ló máa ń dá a sílẹ̀, wọ́n á sì máa fi iyọ̀ àti ata sí i. Ó sàn kí èmi tí mo da omi àlàáfíà rú sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó sí yàrá tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan ní Irbid. Ìwé yòówù tó bá wọlé, èmi ni mo máa lù ú ní òǹtẹ̀, màá kọ nọ́ńbà sí i lórí, màá sì kọ ọ́ sínú ìwé ńlá. Ìwé tí kò bá ní nọ́ńbà, a ò tíì bí i sáyé. Ọ̀gá àgbà ì báà fi omi wúrà kọ ọ́, bí n kò bá ti fún un ní nọ́ńbà, kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn. Ẹ rí i pé èmi kì í ṣe èèyàn kékeré. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ìgbéraga mi nìkan ni wọn ò rántí gbà.

Ọmọ àbúrò mi ni Shatha. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ní yunifásítì kan lápá àríwá níbí, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, torí mo ṣì ní ọ̀rẹ́ níbẹ̀, ọ̀rẹ́ náà sì ti jìyà tó nítorí mi. Ó ṣe dáadáa jáde. Lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án tó ti ń wáṣẹ́ kiri, ọsibítù aládàáni kan ní Amman gbà á sí yàrá àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ẹ̀yìn dídùn ti mú kí bàbá rẹ̀ pa iṣẹ́ takisí tì, àbúrò mẹ́ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ṣì ń lọ sílé ìwé. Ọjọ́ tí ọsibítù pè é, ìyá rẹ̀ sunkún títí ìrẹsì fi jóná lórí iná.

Ohun kan ló kù. Ọsibítù ní àwọn gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá òótọ́ ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan aláìsàn kankan. Shatha kó ìwé rẹ̀ dé ibẹ̀. Òǹtẹ̀ yunifásítì wà lára rẹ̀, òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ gíga wà níbẹ̀, ti ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè náà ò gbẹ́yìn. Ẹ̀yìn ìwé náà ti kún dẹ́nu.

Arij, obìnrin tó ń tọ́jú fáìlì àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀, wo gbogbo rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dá a padà fún un. Ó ní, “Ó dáa. A ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ní báyìí, a máa bi yunifásítì fúnra rẹ̀ léèrè.”

Wọ́n kọ íméèlì sí yunifásítì. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, kò sí èsì. Wọ́n tún kọ òmíràn, yunifásítì dákẹ́ bí ẹni tó jẹ gbèsè. Arij wá pe Shatha, ó sọ fún un pé òun ò sọ pé ayédèrú ni ìwé rẹ̀ o, òun ò sì lè sọ pé òótọ́ ni. Ọsibítù á di àyè náà mú dè é títí di Ọjọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù. Tí ìdáhùn ò bá dé, wọ́n á pe ẹni tó tẹ̀ lé e lórí ìwé. Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù.

Ọjọ́ márùn-ún péré ló ṣẹ́ kù nígbà tí èmi gbọ́, mo sì rẹ́rìn-ín. Ẹ dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín ni. Mo dé ilé àbúrò mi, mo bá Shatha nídìí tábìlì pẹ̀lú ìwé àjákọ kan tó fi rúlà pín sí ọ̀nà mẹ́rin.

Mo ní, “Kí lò ń kọ?”

Ó ní, “Bàbá Labib, mo ń kọ ọjọ́ tí mo pè wọ́n, aago tí mo pè, ẹni tó gbé e àti ohun tó sọ.”

“Ta ni wọ́n sì ní kó o kọ ọ́ fún?”

“Èmi ni mo ní kí n kọ ọ́. Mo ti bi Arij léèrè àdírẹ́sì tí wọ́n kọ íméèlì sí. Ó jọ pé ìyẹn gan-an ni ò dáa. Lọ́la màá lọ sí yunifásítì lọ wádìí ibi tí ìbéèrè irú ẹ̀ máa ń gbà.”

“Lọ́la kẹ̀? O máa lọ tò sórí ìlà?”

“Ẹ̀ẹ́n, màá tò.”

Mo mi orí. Mo sọ fún un pé kó tó kọ ìwé àjákọ yẹn kún, wọ́n á ti fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀, ẹni náà á sì ti lọ́mọ méjì. Mo ní kó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún àgbà. Ó wò mí, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bá mi dá sí i o.” Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, àmọ́ ó sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, n kò sì lè sọ pé n kò gbọ́.

Jiryis ni ọ̀rẹ́ mi tó wà ní yunifásítì yẹn. Èmi àti ẹ̀ la jọ ṣe iṣẹ́ ológun ní Zarqa, a jọ sùn nínú àgọ́ kan náà, a sì jọ jí ẹyin ọ̀gá wa jẹ. Ó ti wá di akọ̀wé ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, tí o bá ní ènìyàn níbì kan, o ò nílò láti tò. N kò sì ní torí pé ọmọ kékeré kan ra ìwé àjákọ kí n wá gbàgbé pé mo ní ènìyàn.

Lọ́jọ́ kejì, mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. A mu kọfí, a rántí ẹyin, a rẹ́rìn-ín. Kó tó di aago mẹ́wàá, Jiryis ti yẹ orúkọ Shatha wò nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́, ó rí i, ó tẹ lẹ́tà kan jáde: ọmọ yìí kẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ wa, ó jáde lọ́dún báyìí, máàkì rẹ̀ nìyí. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ó lù ú ní òǹtẹ̀, ó fi í sínú àpò ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó tún fọwọ́ sí orí ibi tó lẹ̀.

Èmi tí mo mọ iṣẹ́ ni mo béèrè pé, “Nọ́ńbà ńkọ́?”

Jiryis yún orí. Ó ní kí lẹ́tà tó lè ní nọ́ńbà ìjáde, ó gbọ́dọ̀ tọ́ka sí ìwé kan tó wọlé, kò sì sí ìwé kankan tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ Shatha.

Mo ní, “Wá èyí tó bá wà nílẹ̀.”

Ó ṣí ìwé ńlá náà, ó yọ nọ́ńbà kan nínú rẹ̀, ó kọ ọ́ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí, ẹ mọ̀ pé irú èyí máa ń ṣẹlẹ̀. A fẹnu ko ara wa lẹ́rẹ̀kẹ́, mo sì bọ́ sínú bọ́ọ̀sì Amman. Láti Irbid dé ibẹ̀, orí itan mi ni mo gbé àpò ìwé náà lé. Inú mi dùn débi pé mo bá ẹni tó jókòó tì mí sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ ìsinsìnyí, pé wọn ò mọ nǹkan kan.

Arij dìde kí mi. Ó pè mí ní Bàbá, ó fi mí jókòó, ó ní kí wọ́n gbé tíì wá. Mo gbé àpò ìwé náà ka orí tábìlì rẹ̀, mo rọra tì í síwájú. Kò mú un. Ó ń wò ó bí ìgbà tí ológbò bá gbé nǹkan wọlé wá fún èèyàn.

Ó ní, “Ta ló fún yín?”

“Yunifásítì ni. Wọ́n ti dáhùn.”

“Ọwọ́ yín ni wọ́n fún?”

“Ọwọ́ mi báyìí. Ṣé ẹ rí i, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n fọwọ́ sí i.”

“Bàbá, kí ni ẹ jẹ́ sí Shatha?”

“Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni mí,” mo dáhùn, mo sì na àyà.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, n ò lè gba eléyìí. Ohun tí à ń wá kì í ṣe lẹ́tà. À ń wá ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu yunifásítì tó wọ etí wa, tí ẹnikẹ́ni tó ní ọwọ́ nínú ẹ̀ ò sì dúró láàrin. Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan gbé lẹ́tà wá síbí, òǹtẹ̀ ara rẹ̀ dáa ju ti ilé ẹ̀kọ́ náà lọ. Ó ti fún ènìyàn mẹ́tàdínlógún lábẹ́rẹ́ ká tó mọ̀ pé kì í ṣe nọ́ọ̀sì.”

Mo ní, “Àbí ẹ̀ ń pè mí ní òpùrọ́ ni?”

“Rárá sà. Ẹ̀ ń fún mi níṣẹ́ ni.” Ó fa fóònù sọ́dọ̀. “Nígbà tí ẹ ti gbé e wá, mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí fáìlì pé ẹ gbé e wá, mo sì gbọ́dọ̀ bi wọ́n bóyá àwọn ló kọ ọ́.”

Mo yára fún un ní nọ́ńbà fóònù Jiryis. Ó dúpẹ́, kò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní tí ẹni tí òun ń wádìí nípa rẹ̀ bá fún òun ní nọ́ńbà, òun kì í pè é. Èyí tó wà lórí ìkànnì yunifásítì fúnra rẹ̀ ni òun máa pè. Ó pè é. Lẹ́yìn tí wọ́n ti tì í láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, ó bá yàrá tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà, ó ka nọ́ńbà tó wà lórí ìwé fún wọn. Ó fetí sí wọn. Ó kọ orúkọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ àti aago sílẹ̀. Ó gbé fóònù kalẹ̀.

Ó ní, “Bàbá, nọ́ńbà yìí jẹ́ ti lẹ́tà tí wọ́n fi béèrè fún àtúnṣe fíríìjì ilé oúnjẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́.”

Tíì tí wọ́n gbé fún mi tutù síbẹ̀. N kò lè mu ún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín, nítorí èmi fúnra mi ò tètè lóye rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí n tó dé, ọmọ yẹn ni ẹni tí yunifásítì rẹ̀ kò tíì dáhùn. Ìgbà tí mo dìde kúrò lórí àga, ó ti di ẹni tí ẹbí rẹ̀ gbé lẹ́tà tó ní nọ́ńbà fíríìjì wá. Wákàtí mẹ́ta péré ni mo fi ṣe gbogbo ìyẹn. Ojú tì mí.

Shatha ò pariwo lé mi lórí. Ì bá sàn kó pariwo. Ó jókòó, ó ṣí ìwé àjákọ rẹ̀, ó ní, “Ẹ sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin àti Bàbá Jiryis. Aago mélòó lẹ dé ibẹ̀?” Ó ń kọ ọ́. Ó kọ ẹyin pàápàá, kí n tó sọ fún un pé ti inú ológun nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí òun ti rí fún mi. Àdírẹ́sì tí ọsibítù kọ íméèlì sí wà lórí ìkànnì yunifásítì lóòótọ́, àmọ́ ọkùnrin tó máa ń ṣí i ti lọ síbi iṣẹ́ míì láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n fi ń ṣí i sì bá a lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ká ní ẹnì kan tiẹ̀ ṣí i, wọn ò ní dáhùn, torí yunifásítì kì í sọ nǹkan nípa akẹ́kọ̀ọ́ fún ẹnikẹ́ni àfi tí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù pé òun gbà kí wọ́n sọ ọ́. Ọsibítù ò fi fọ́ọ̀mù kankan sí i. Shatha ti to ìlà, ó ti gba fọ́ọ̀mù, ó ti fọwọ́ sí i, ó ti san owó rẹ̀, ó ti gba rìsíìtì, ó sì ti gba àdírẹ́sì ọ́fíìsì tó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an lẹ́nu olórí wọn. Gbogbo ìyẹn ti parí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan náà tí èmi ń mu kọfí ní yàrá kejì. Ògiri kan ló wà láàrin wa.

Mo ní, “O wà níbẹ̀?”

Ó ní, “Mo gbọ́ ẹ̀rín yín. Mo rò pé ẹlòmíràn ni.”

Ó ti bẹ Arij pé kó tún ìbéèrè náà fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tó tọ́, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù àti nọ́ńbà rìsíìtì. Ó fi ẹ̀dà ojú ìwé àjákọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú, kí ọsibítù lè rí i pé kò jókòó tẹtẹrẹ. Ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan kún un, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kí n tó ti ọ̀rọ̀ fíríìjì bọ̀ ọ́, Arij ti fẹ́ gbà. Nísinsìnyí, ọ̀gá Arij ní kò sí ọjọ́ àfikún fún ẹni tí lẹ́tà ayédèrú wà nínú fáìlì rẹ̀. Olórí ọ́fíìsì ní yunifásítì náà ti gbọ́, ó sì ní òun ò ní dáhùn nǹkan kan lórí Shatha títí ọ̀rọ̀ náà á fi yé òun. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù.

“Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa jẹ́ kó yé e,” ni Shatha wí.

N kò fẹ́ lọ. Mo purọ́ pé orúnkún ń dùn mí. Ìyàwó mi gbé bàtà mi síwájú mi, ó dúró tì mí títí mo fi wọ̀ ọ́.

Haifa lórúkọ olórí ọ́fíìsì náà, obìnrin kan tó tín-ín-rín, tó máa ń wo èèyàn láti òkè awò ojú. Èmi àti Jiryis dúró síwájú rẹ̀ bí a ṣe dúró síwájú ọ̀gá wa ní Zarqa lọ́jọ́ ẹyin. Jiryis fẹ́ sọ pé àṣìṣe ni. Mo ní rárá, èmi ni mo ní kó yọ nọ́ńbà yẹn. Mo ní ọmọ náà ò mọ̀, ó tilẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n má dá sí i. Ó dun ìgbéraga mi, àmọ́ mo sọ ọ́.

Haifa ní, “Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.”

Mo kọ ọ́. Ojú ìwé kan àti ààbọ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé mi sì dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn fún ara mi. Mo fọwọ́ sí i, Jiryis náà kọ tirẹ̀. Haifa na ìwé méjèèjì sí ọmọbìnrin tó wà nídìí ìwé ńlá, ìyẹn lù wọ́n ní òǹtẹ̀, ó sì kọ nọ́ńbà sí orí wọn.

Mo wo nọ́ńbà yẹn, ìgbà náà ni iṣẹ́ mi àtijọ́ ta sí mi lórí. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ìwé ti wọlé lórí ọ̀rọ̀ Shatha báyìí, ó ti ní nọ́ńbà. Tí ẹ bá tẹ íméèlì ọsibítù àti fọ́ọ̀mù ọmọ náà jáde, tí ẹ fi wọ́n mọ́ ọn, fáìlì ti wà nìyẹn. Fáìlì tó bá ti wà, ẹ̀yin náà mọ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dá a lóhùn.”

Jiryis fi ìgbúnwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Haifa bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Ṣé ẹ̀ ń fi ẹ̀ṣẹ̀ yín ṣí ilẹ̀kùn ni?”

Mo ní, “Mo ti dá ẹ̀ṣẹ̀ náà ná, ọ̀gá. Ó kéré tán kó wúlò.”

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí a jáde. Ó pe Jiryis padà, ó fún un ní ìwé ìkìlọ̀. Ìyẹn náà ní nọ́ńbà.

Ní Ọjọ́rú, aago méjì ọ̀sán, íméèlì jáde láti ọ́fíìsì Haifa lọ tààrà sí ti Arij. Ó jẹ́rìí sí ọdún tí Shatha jáde àti iṣẹ́ tó kọ́. Ó sọ pé òǹtẹ̀ tó wà lórí lẹ́tà tí mo gbé wá jẹ́ tiwọn ṣùgbọ́n wọn ò fi í ránṣẹ́, àti pé ọmọ náà ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Wọ́n so ìwé tí mo kọ mọ́ ọn kí ó lè yé ọsibítù. Arij tún pe nọ́ńbà orí ìkànnì wọn, ó béèrè bóyá àwọn ló kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ni. Ní Ọjọ́bọ̀, ó ku wákàtí méjì kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, Shatha fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ rẹ̀.

Ó rọrùn fún un láti dárí jì mí. Ohun tí kò rọrùn ni pé ìwé tí mo kọ wà nínú fáìlì rẹ̀ títí di òní, ojú ìwé kan àti ààbọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i á kà á. Wọ́n sọ fún mi pé Arij máa ń fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun nílé iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n bo orúkọ mi, àmọ́ wọ́n fi fíríìjì sílẹ̀.

Nígbà òtútù tó tẹ̀ lé e ni òkúta inú òróòro mú mi. Wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù yẹn kan náà, wọ́n là mí, wọ́n rán mi, wọ́n tì mí sí yàrá àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ara ń ro mí gan-an. Bí mo ṣe lajú, Shatha ló dúró tì mí, ó wọ aṣọ funfun, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Omi lé sí mi lójú. Mo na apá sí i.

Kò gún un. Ó ní, “Kí lorúkọ yín, sà?”

Mo rò pé oògùn ló ṣì ń ṣe mí. Mo ní, “Shatha, èmi ni. Bàbá Labib.”

“Orúkọ yín ní kíkún, àti ọjọ́ tí wọ́n bí yín.”

“Ìwọ ọmọ yìí, èmi ni mo gbé ọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ. Ṣé o ò mọ orúkọ mi ni?”

“Mo mọ̀ ọ́n,” ló wí. Ó gbé ọwọ́ mi sókè, ó mú bébà tí wọ́n so mọ́ ọrùn ọwọ́ mi dání, ó ń dúró. “Ẹnu yín ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ.”

Mo sọ ọ́ fún un, orúkọ, orúkọ bàbá, orúkọ bàbá-bàbá, ọjọ́, oṣù àti ọdún. Ó fi wé ohun tó wà lórí bébà náà, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Lẹ́yìn náà ló wá fún mi lábẹ́rẹ́, n kò sì mọ̀ ọ́n lára rárá.